Ọsàn Mẹ́fà Lórí Igi: Ìwé Kékeré fún Ọjọ́ Tí A Ó Ti Ilé Ìwé

Ọjọ́ tí a ó bá ti ilé ìwé ni ọjọ́ tí ó máa ń gùn jù lọ́wọ́ olùkọ́. Ìdánwò ti parí, àwọn ọmọ ti gbá kíláàsì, wọ́n ti nu fèrèsé, wọ́n ti to àga. Káàdì èsì ìdánwò ṣì wà lọ́fíìsì ọ̀gá, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún mi á jókòó láìní ìwé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ jáde. Àkókò yìí ni mo máa ń fi ṣe eré kan tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sọ́kàn.

Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni èmi fúnra mi ti kọ́ ọ nígbà èwe, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ lọ́kàn á fa ìlà kéékèèké sí pátákó, lẹ́tà kan ìlà kan. Àwọn yòókù á máa pe lẹ́tà. Èyí tí ó bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sí àyè rẹ̀, èyí tí kò bá sí á di àṣìṣe, àṣìṣe a sì máa kó ara wọn jọ títí wọn yóò fi pa àwọn olùdáhùn láyò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e wá sí kíláàsì Yorùbá, mo rò pé kí n sáà ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá rọ́pò ti Gẹ̀ẹ́sì, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjà ni a jà ní ọjọ́ náà, a kò ṣeré. Ìwé kékeré tí mo máa ń kọ sí pátákó fún wọn báyìí, inú ìjà ọjọ́ yẹn àti ti àwọn sáà tó tẹ̀ lé e ni gbólóhùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti jáde. Bí ó ṣe rí nìyí:

«Ẹ̀yin ọmọ mi, eré òní ni Ọ̀rọ̀ Tó Sápamọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ kan lọ́kàn. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ènìyàn tàbí ti ìlú. Iye ìlà kéékèèké tí mo fà ni iye lẹ́tà inú rẹ̀. Kò ní dín sí márùn-ún, kò sì ní ju mẹ́jọ lọ. Àbídí Yorùbá ni a ń lò: gb, lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Àmì ohùn kì í ṣe lẹ́tà. Àkọtọ́ inú ìwé Yorùbá wa ni a ó tẹ̀ lé.

Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni yín. Bí ó bá kan ẹgbẹ́ yín, ẹnì kan ni kí ó dìde, kí ó pe lẹ́tà kan, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀, bí àpẹẹrẹ: ẹ, bíi ti ẹyẹ. Bí lẹ́tà yín bá wà níbẹ̀, n ó kọ ọ́ sí gbogbo àyè rẹ̀. Bí kò bá sí, n ó pa ọsàn kan rẹ́ lórí igi, n ó sì kọ lẹ́tà náà sí igun pátákó. Ọsàn mẹ́fà péré ni ó wà lórí igi.

Bí ẹ bá rò pé ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ó bá kàn yín. Bí ẹ bá ṣì í, ọsàn kan lọ. Ẹni tó bá pariwo ìdáhùn nígbà tí kò kàn án, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pàdánù àyè kan. Ẹgbẹ́ tó bá parí ọ̀rọ̀ gba máàkì mẹ́ta. Bí wọ́n bá sì lè pe ohùn rẹ̀ ní dò, re, mí láìṣì, wọ́n gba méjì sí i. Bí ọsàn bá tán, èmi ni mo gba mẹ́ta.»

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó bá yára kà á a parí rẹ̀ kí n tó ya igi ọsàn mi tán. Igi náà, èmi ni mo fi rọ́pò ọkùnrin tí wọ́n ń so rọ̀ nínú eré Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n ń ya orí rẹ̀, ara rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí àṣìṣe ti ń pọ̀ sí i. N kò fẹ́ ya ẹni tí wọ́n so lọ́rùn síwájú ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo pa iye náà mọ́, mẹ́fà, nítorí pé ó tó, kò sì pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àbídí, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjà àkọ́kọ́ ti bẹ́. Lẹ́tà 26 ni ó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá kò lo márùn-ún nínú wọn: c, q, v, x àti z. Ó ku 21. Lẹ́yìn náà ni ó fi mẹ́rin tirẹ̀ kún un: ẹ, gb, ọ àti ṣ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25. Gbogbo ọmọ kíláàsì mi ló lè kọ àbídí yìí lórin láìmí, síbẹ̀ nígbà tí mo fa ìlà fún «àgbàdo», ìjà bẹ́. Ìlà márùn-ún ni mo fà: a, gb, a, d, o. Ọmọ kan pe g, mo ní kò sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi hàn níkẹyìn, ọmọ náà dìde, ó ní, «Àǹtí, g wà níbẹ̀ o! Ẹ̀ ẹ́ rí i?» Lójú tirẹ̀, mo ti yàn wọ́n jẹ.

Mo ní láti ṣàlàyé pé g inú «ògo» àti gb inú «àgbàdo», ohun méjì ni ètè àti ahọ́n ń ṣe. Bí o bá fẹ́ pe g, ẹ̀yìn ahọ́n nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí o bá fẹ́ pe gb, ẹ̀yìn ahọ́n á gbéra, ètè méjèèjì á pàdé, ìgbà kan náà ni méjèèjì á sì ṣí. Ìró kan ni, a kàn fi àmì méjì kọ ọ́ ni. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan ètè wọn kí wọ́n pe «ògo», kí wọ́n tún pe «ògbó». Wọ́n rí i fúnra wọn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá pe g nígbà tí ó ń wá gb mọ̀ pé òun ti fi ọsàn kan ṣòfò, kì í bá ẹnikẹ́ni jà mọ́.

Lẹ́tà n ò fa ìjà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí yóò fa ìlà kíyè sí i. Nínú «ìbọn», n kò ní ìró tirẹ̀. Ó kàn ń sọ fún wa pé kí a pe ọ náà gba imú ni. Síbẹ̀ lẹ́tà ni, a sì ń fa ìlà fún un: ì, b, ọ, n, ìlà mẹ́rin. «Ọkùnrin» ní ìlà méje, n sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà n jẹ́ lẹ́tà tó ń sanwó dáadáa fún ẹni tó bá tètè pè é. Bí kò bá sì sí, ìyẹn náà ní ohun tí ó ń sọ: lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di fáwẹ̀lì dandan, nítorí pé Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì mìíràn parí ọ̀rọ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbe lẹ́tà lẹ́sẹ̀ rọrùn. Kíláàsì tó kún fún ariwo ni tiwa, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀ sí ọ̀nà. Bí ọmọ kan bá pe «ẹ» láti ẹ̀yìn, «e» lè dé etí mi. Bí, dí, gbí àti pí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra pátápátá bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Mo ti kọ lẹ́tà tí ọmọ kò pè rí, tí mo tún ní láti pa á rẹ́, ó sì ti ṣí àṣírí ọ̀rọ̀ náà kí n tó mọ̀. Nígbà tí ó bá ti jẹ́ «e bíi ti ewé, ẹ bíi ti ẹyẹ, s bíi ti sùúrù, ṣ bíi ti ṣòkòtò», kò sí àṣìgbọ́.

Wàyí o, kí ló dé tí mo fi ní ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ dín sí lẹ́tà márùn-ún? Ẹni tí kò bá tíì ṣe eré yìí rí á rò pé ọ̀rọ̀ kúkúrú ló rọrùn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ojú wọn lè là, mo mú «ọmọ» lọ́kàn, mo fa ìlà mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kìíní pe ọ. Mo kọ ọ́ síwájú, mo kọ ọ́ sẹ́yìn, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù, ọsàn mẹ́fà sì wà lórí igi láìfọwọ́kàn. Wọ́n pe k, wọ́n ń rò ó pé «ọkọ» ni. Kò sí. Wọ́n pe j nítorí «ọjọ́», kò sí. Wọ́n pe w nítorí «ọwọ́», r nítorí «ọ̀rọ̀», l nítorí «ọlọ», b nítorí «ọ̀bọ». Ọsàn tán. Àwọn ọmọ tí inú wọn ti dùn ní ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tó tàn wọ́n.

Kò sí àṣìṣe kankan nínú bí wọ́n ṣe ronú. Ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n rò jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, «ọ̀pọ̀», «ọ̀tọ̀» àti «ọ̀fọ̀» ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Bí èdè wa ṣe rí nìyẹn: ọ̀pọ̀ jaburata ọ̀rọ̀-orúkọ wa ni ó jẹ́ fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì. Fáwẹ̀lì méje péré ni a ní, kíá ni wọ́n á ti jáde. Kọ́ńsónáǹtì 18 ló wà, tí àyè kan ṣoṣo sì ń dúró dè wọ́n. Nínú ọ̀rọ̀ gígùn, kọ́ńsónáǹtì kan á máa ran èkejì lọ́wọ́. Nínú ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta, kò sí olùrànlọ́wọ́. Láti márùn-ún lọ sókè ni ọ̀rọ̀ máa ń ní ojú àti imú tí ènìyàn lè fi dá a mọ̀. Èyí tó bá ti ju mẹ́jọ lọ sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí a so pọ̀, àwọn ọmọ a sì tú u kí ọsàn méjì tó já.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà mí láàmú jù. Ẹgbẹ́ tó bá borí nínú ìdíje méjì tẹ̀ léra ni mo máa ń jẹ́ kí ó yan ọ̀rọ̀ fún àwọn yòókù. Ọmọ kan wá yan «ènìyàn», ó sì fa ìlà mẹ́rin: e, n, i, a. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní mẹ́fà ni. Ó ní inú Bíbélì ìyá àgbà òun ni òun ti rí i, mẹ́rin ni. Òótọ́ ló sọ. Bíbélì tí ìyá àgbà ń kà, àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́: «enia», «aiye», «ẹiyẹ». Àwọn onímọ̀ èdè bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1965, wọ́n ní kí a máa kọ ohun tí ẹnu ń pè gan-an, kí a yé fi lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò pè kún ọ̀rọ̀. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ni ilé ìwé ń lò báyìí. «Ẹiyẹ» onílẹ́tà mẹ́rin wá di «ẹyẹ» onílẹ́tà mẹ́ta. «Aiye» di «ayé». «Enia» gùn sí i, ó di «ènìyàn».

Fún ẹni tó ń ka ìwé lásán, ìyàtọ̀ náà kéré. Fún ẹni tó ń ka ìlà lórí pátákó, ìyàtọ̀ láàárín mẹ́rin àti mẹ́fà ni. Mo sọ fún ọmọ náà pé ìyá àgbà rẹ̀ kò ṣì í, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nígbà tiwọn nìyẹn, ṣùgbọ́n ìwé kan náà ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ wò kí eré tó lè tọ́. Gbólóhùn «àkọtọ́ inú ìwé Yorùbá wa» wọ inú ìwé mi ní ọjọ́ yẹn.

Ọmọ tó bá ń yan ọ̀rọ̀ ní àléébù kan tí mo fẹ́ kí olùkọ́ tó bá fẹ́ gbìyànjú eré yìí ṣọ́ra fún. Ó lè gbàgbé láti kọ lẹ́tà sí gbogbo àyè rẹ̀. Ẹnì kan yan «labalábá». Ìlà mẹ́jọ, lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: l, a, b. Nígbà tí wọ́n pe a, ó kọ ọ́ sí àyè kejì, ìkẹrin àti ìkẹjọ, ó fo ìkẹfà. Kíláàsì wá ń wá ọ̀rọ̀ tí kò sí lábẹ́ ọ̀run. Ọsàn mẹ́rin já lórí òfìfo kí n tó rí i. Láti ìgbà náà, olùyàn gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí bébà pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó kọ nọ́ńbà sábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ó fi hàn mí kí ó tó fa ìlà. Bí wọ́n bá pe lẹ́tà, bébà ni yóò kọ́kọ́ wò, kì í ṣe orí rẹ̀.

Bí àwọn ọmọ bá ti ṣe eré náà ní sáà méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ohun tí n kò kọ́ wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni pé kò dára kí ènìyàn pe u fún àyè àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń kọ nínú ìwé kì í fi u bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Èkìtì kan jiyàn, ó ní «ulé» ni wọ́n ń pè é nílé àwọn. Òtítọ́ ni, ẹ̀ka-èdè Èkìtì ń fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n «ilé» ni ìwé wa kọ. Ó gbà, ó sì jọ pé inú rẹ̀ dùn pé gbogbo kíláàsì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn.

Èkejì jinlẹ̀ díẹ̀. Ọmọbìnrin kan kíyè sí i pé e àti o fẹ́ràn ara wọn, ẹ àti ọ náà sì fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n àwọn méjì àkọ́kọ́ kì í sábà bá àwọn méjì kejì jókòó pọ̀. Ó ní bí òun bá ti rí o nínú ọ̀rọ̀, bíi ti «ológbò», òun kì í pe ẹ tàbí ọ mọ́. Bí òun bá rí ẹ, bíi ti «ọ̀gẹ̀dẹ̀», òun a wá ọ lọ. Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, pé ẹnu òun kọ̀ ọ́ ni. Àwọn onímọ̀ èdè ń pe èyí ní àǹkóò fáwẹ̀lì, yunifásítì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní ibi tí ó ti ń yẹ̀. Bí u tàbí i bá dá sí wọn láàárín, wọ́n lè pàdé: «ewúrẹ́» àti «èlùbọ́» wà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a so pọ̀ náà kì í tẹ̀ lé e dandan. Ṣùgbọ́n ó gba ọsàn là púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ìdíje kan tí a ṣe ní ìparí sáà kẹta, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlà márùn-ún ni mo fà. Ẹgbẹ́ kìíní pe a. Mo kọ ọ́ sí àyè kẹta nìkan. Àwọn tó gbọ́n mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé a kò sí níwájú, kò sì sí lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ kejì pe n: kò sí, ọsàn kan já, ó ku márùn-ún. Ẹgbẹ́ kẹta pe e bíi ti ewé: kò sí, ó ku mẹ́rin. Mo kọ n àti e sí igun pátákó. Ẹgbẹ́ kẹrin pe i, ó bọ́ sí àyè àkọ́kọ́.

Ohun tó wà lórí pátákó báyìí ni i, àyè kan, a, àyè méjì. Ẹgbẹ́ kìíní pe l, ó ku ọsàn mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kejì pe k, ó ku méjì. Mo gbọ́ tí ẹgbẹ́ kẹta ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé «ìyàwó» ni. Ìlà márùn-ún ni «ìyàwó» lóòótọ́, i wà níwájú, a wà láàárín, èrò tó dára gan-an ni. Wọ́n pe y. Kò sí. Ọsàn kan ṣoṣo ló kù lórí igi, ojú àwọn ọmọ sì ti le.

Ẹgbẹ́ kẹrin sọ̀rọ̀ pẹ́. Níkẹyìn, ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó ní, «Gb, bíi ti gbẹ̀gìrì.» Mo kọ ọ́ sí àyè kejì, mo tún kọ ọ́ sí ìkẹrin. Igbe ta. Àyè kan ló kù: i, gb, a, gb, àti ìlà kan lásán.

Ó kan ẹgbẹ́ kìíní. Ọmọ kan láàárín wọn ti na ọwọ́ sókè, ó ń fò sókè sódò, ó ti ń ṣí ẹnu láti sọ pé «ìgbàgbé». Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Ó nàka sí igun pátákó, níbi tí mo kọ n, e, l, k, y sí. E wà níbẹ̀. E tí ẹgbẹ́ kẹta pè ní ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo wọn ti gbàgbé, òun ni ó gbà wọ́n. Kò lè jẹ́ «ìgbàgbé». Ọmọbìnrin náà dìde, ó ní, «Àǹtí, ìgbàgbọ́ ni.» Mo bi í ní ohùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì jẹ́jẹ́ bó ṣe ń pè é lábẹ́ ètè, ó ní, «Dò, dò, mí.» Máàkì márùn-ún.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà tó kùnà sójú táyé. Àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ rántí rẹ̀ fúnra wọn. Lójú tèmi, ìyẹn ń dán iyè wò, eré yìí kì í sì í ṣe ti iyè. Kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ti mọ̀, kí wọ́n wá ohun tí ó ń sọ.

Nígbà tí ó bá ku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí káàdì dé, mo máa ń ṣe ìdíje àṣekágbá, tí ó jẹ́ ti ohùn nìkan. Níbí ni mo ti ń lo ọ̀rọ̀ kúkúrú tí mo kọ̀ níṣàájú. N kò fi lẹ́tà kankan pamọ́. Mo kọ «igba» sójú pátákó láìfi àmì sí i, mo sì sọ ohun tí mo ní lọ́kàn nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà méjì péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dáhùn.

Ọmọ tó mọ ìṣirò á sọ pé ohùn mẹ́ta ni, fáwẹ̀lì méjì ni, nítorí náà ọ̀nà mẹ́sàn-án ló ṣeé ṣe. Mo jẹ́ kí wọ́n kọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sílẹ̀, mo sì ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ kan tó fi fáwẹ̀lì olóhùn òkè bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yòówù kó jẹ́ tí kì í ṣe àyálò, láti inú ìwé tàbí láti ẹnu àwọn òbí wọn. Wọ́n wá a títí. Kò sí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, tí kì í ṣe àyálò, dò tàbí re ni ohùn àkọ́kọ́ rẹ̀, kì í ṣe mí. Mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án ti kú nìyẹn, ó ku mẹ́fà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán mẹ́fà náà wò lẹ́nu. Re re ni «igba», iye owó tàbí ènìyàn, 200. Re mí ni «igbá» tí a fi ń bu omi. Dò dò ni «ìgbà», bíi ìgbà òjò.

Ní sáà tí mo ń sọ yìí, mo ní ohun tí mo ní lọ́kàn wà lọ́wọ́ adẹ́mu nígbà tí ó bá ń gun ọ̀pẹ. Ẹgbẹ́ kejì dáhùn pé re mí, nítorí pé adẹ́mu ń fi igbá gbé ẹmu. Mo ní rárá, ẹmu kò tíì délẹ̀. Ẹgbẹ́ kẹta kò mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ kẹrin ní ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ àgbà ń kọ ọ̀pẹ ní abúlé. Kò tilẹ̀ ronú nípa dò re mí. Ó na ọwọ́ méjèèjì yí ìbàdí rẹ̀ ká, ó fi ẹ̀yìn tì bí ẹni tó fara ti okùn, ó ní, «Igbà ni, Àǹtí.» Re dò. Ó ju ìdajì kíláàsì tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí láyé wọn, wọ́n sì ní kí ó tún fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè lára igi lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dìde síwájú, ó fi òpó ẹnu ọ̀nà ṣe ọ̀pẹ.

Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ọ̀gá wa wọlé pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń pe orúkọ wọn tí wọ́n ń gba tiwọn jáde lọ, wọ́n ń ka ohun tó kù lójú pátákó lọ́nà tí ó wu olúkúlùkù: igbá, ìgbà, igba, igbà.